Máníjà Kò Sí Níbẹ̀ Nígbà Tá À Ń Jà

Àwa tí a kọ èyí, akọ̀wé ìpàdé ni wá. Àwa la máa ń jókòó sí igun tábìlì pẹ̀lú ìwé àti bírò nígbà tí àwọn tó kù bá ń jà. Láti Lẹkki títí dé Ajah àti Ṣangotẹdo, kò sí ẹsiteeti, iléeṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tí kò ní ẹnì kan bíi tiwa. Ìjà á jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀gá tuntun á wá dé, á ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sójú ìwé kan péré. Kí ẹ má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o." Ó dà bí iṣẹ́ kékeré. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́.

Ẹjọ́ tí a fẹ́ rò lónìí rèé: ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń pè ní ìwé tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó ti gbè kí ó tó dé orí tábìlì ọ̀gá. "Àwọn kan sọ báyìí, àwọn kan sọ báyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná." Ẹni tó kọ ọ́ á máa rò pé òun ti ṣe dáadáa, torí pé kò bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ohun tó kọ kò yàtọ̀ sí kí èèyàn da ọbẹ̀ ilá àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pọ̀ mọ́ra, kó ní òun kò fẹ́ já ọ̀kan jù sílẹ̀. Ta ló máa jẹ ẹ́?

A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwa náà ti ṣe é rí. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n padà sí gbígba owó lórí afárá Lẹkki sí Ìkòyí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni gbígba owó ti dúró, lẹ́yìn alẹ́ ogúnjọ́ oṣù náà tí àwọn sójà yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe ìwọ́de #EndSARS ní ibi ìgbowó tó wà lójú ọ̀nà Lẹkki sí Ẹpẹ. Nígbà tí ìròyìn dé pé owó ń padà bọ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níléeṣẹ́ kan ní Ajah tí ọ̀kan nínú wa ti ń ṣe akọ̀wé. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ojoojúmọ́ làwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbé ọjà lọ sí Ìkòyí. Ìpàdé márùn-ún ni wọ́n fi fà á. Wọ́n pariwo, ẹnì kan dìde kúrò níjókòó, ẹlòmíì sunkún. Lẹ́yìn náà ni máníjà tuntun dé. Kò sí ní Èkó nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Ó ní kí a kọ ọ́ fún òun.

Ohun tí a kọ rèé, a ò fi ọ̀kan pamọ́: "Ọ̀rọ̀ owó afárá ti ń dá wàhálà sílẹ̀ láàrin àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń pariwo pé kí iléeṣẹ́ dá sí i. Àwọn àgbà kan ní kò pọn dandan. Inú ń bí àwọn èèyàn."

Máníjà kà á, ó mi orí, ó sì ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n máníjà á ṣe: ó ní kí wọ́n máa fi owó afárá kún owó oṣù àwọn awakọ̀. Ó rò pé òun ti pa iná. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ méjì dá owó náà padà. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún akọ̀wé wa pé: "Bùrọ̀dá, ṣé owó ni mo bèèrè lọ́wọ́ yín? Mo ní mi ò fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wá fi owó dí mi lẹ́nu." Ọmọkùnrin náà wà níbi ìgbowó yẹn lálẹ́ ogúnjọ́. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé kejì. Ó wà nínú ìwé tí a kọ nígbà ìpàdé. Nínú àkékúrú tí a kọ fún máníjà, kò sí níbẹ̀. A ti sọ ọ́ di "àwọn èèyàn tí inú ń bí".

Ẹ wo bí a ṣe ṣẹ̀. A kò parọ́, gbogbo gbólóhùn mẹ́rin yẹn ló jẹ́ òtítọ́ lọ́nà kan. Síbẹ̀ máníjà kò mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí àwọn tó kù: a ka ìjà mẹ́ta sí ìjà kan.

Nígbà tí a padà sí ìwé ìpàdé, tí a sì fi bírò mẹ́ta oríṣiríṣi fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí a rí nìyí. Ìbéèrè kìíní: ṣé òfin fàyè gbà á kí wọ́n gba owó lórí afárá náà? Ìbéèrè kejì: bí òfin bá tilẹ̀ fàyè gbà á, ṣé ó tọ́ kí èèyàn san án lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020? Ìbéèrè kẹta: bí a bá máa san án, àpò ta ni yóò ti jáde, ti awakọ̀ ni àbí ti iléeṣẹ́? Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè kìíní ń bá ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè kẹta jà, kò sì sí ẹni tó ń dá ẹnì kejì lóhùn. Ìdí tí ìpàdé fi di márùn-ún nìyẹn. Ìbéèrè kẹta nìkan ni máníjà dáhùn, torí òun nìkan ló hàn nínú ìwé wa.

Nítorí náà, iṣẹ́ akọ̀wé kò bẹ̀rẹ̀ látorí "ta ló sọ kí ni". "Kí ni wọ́n ń bèèrè" ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìbéèrè bá ju ẹyọ kan lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ "àwọn tó fara mọ́ ọn" àti "àwọn tó takò ó" kó tó mọ iye ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ti pín àwọn èèyàn sí ìhà tí wọn kò yàn fúnra wọn.

Àṣìṣe kejì wà nínú èdè wa gan-an, ó sì yẹ kí àwa tí à ń kọ Yorùbá máa ṣọ́ ọ. A kọ "àwọn àgbà kan ní kò pọn dandan". Àgbà mélòó? Ẹyọ kan ni. Bàbá kan tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ni. Ní ìpàdé a kọ "wọ́n ní", torí pé a kò lè pe ẹni tó jù wá lọ ní "ó". Nígbà tí a wá ń kékúrú rẹ̀, "wọ́n" ti ọ̀wọ̀ di "wọ́n" ti ọ̀pọ̀. Bàbá kan ṣoṣo di ìgbìmọ̀ àgbà! Máníjà sì rò pé àwọn àgbà iléeṣẹ́ pátá ti dúró sápá kan. Ẹni tó bá ń fi Yorùbá kọ irú ìwé yìí, kó kọ "ẹnì kan nínú àwọn àgbà, wọ́n ní", tàbí kó sọ ipò ẹni náà. Ọ̀wọ̀ kò ní dín kù, iye èèyàn kò sì ní lé sí i.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀pọ̀ wọn" náà nílé ìyá tirẹ̀. A padà kà á. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló wá sí àwọn ìpàdé náà. Mẹ́sàn-án péré ló la ẹnu. Nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn, èèyàn mẹ́ta ló sọ ju ìdajì gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Ohùn wọn ga, wọ́n sì ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Etí wa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nígbà mẹ́wàá, a sì kọ "ọ̀pọ̀". Ẹni tó bá fẹ́ kọ "ọ̀pọ̀" kó ka orí, kó má ka ẹnu. Bí kò bá lè kà á, kó kọ pé: "Àwọn mẹ́ta ló sọ èyí léraléra, àwọn mẹ́rìnlá kò sọ̀rọ̀ rárá." Máníjà nílò gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ju ohun gbogbo lọ, torí pé àwọn mẹ́rìnlá tí kò sọ̀rọ̀ náà ń wa ọkọ̀, wọ́n sì ń gun bọ́ọ̀sì bíi ti àwọn yòókù.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Yorùbá kì í ròyìn ọ̀rọ̀ lásán. "Ó ní", "ó jẹ́wọ́", "ó fẹnu ara rẹ̀ sọ", "ó ń pariwo", "ó ṣàlàyé", "ó takú": ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dá ẹjọ́ kí olùkà tó dé ìdí ọ̀rọ̀. A kọ pé àwọn ọ̀dọ́ "ń pariwo", a sì kọ pé bàbá "ní". Àwọn ọ̀dọ́ pariwo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá náà gbá tábìlì, ìyẹn kò sì wọ ìwé. Bí a bá fẹ́ kọ ìbínú, ká kọ ti gbogbo wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí gbogbo wọn "ní".

Ní báyìí a dé ibi tí àwa àti ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ wa kò ti fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n gbà pé ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kan kò rí bẹ́ẹ̀. A ní irọ́ ni.

Ẹ wo ìbéèrè kìíní. Ní ìpàdé kẹta, ẹnì kan sọ pé: "Kóòtù ti sọ pé owó ibodè Lẹkki kò bófin mu." Ẹlòmíì dáhùn pé: "Kóòtù kankan kò sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣáà ń gbà á lọ." A kọ méjèèjì sílẹ̀ bí èrò méjì tó dọ́gba. Wọn kì í ṣe èrò rárá, ohun tí a lè yẹ̀ wò ni. Ojúṣe wa ni láti yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fi ránṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìgbowó méjì ló wà lágbègbè náà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Ọ̀kan wà lójú ọ̀nà Lẹkki sí Ẹpẹ, èyí tí iléeṣẹ́ LCC bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, tòun ti ìwọ́de àti tajútajú. Èkejì wà lórí afárá Lẹkki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Agbẹjọ́rò Ẹbùn-Olú Adégbọrúwà gbé ọ̀rọ̀ afárá lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, Adájọ́ Sàlíù Sàídù dá a pé kò sí òfin tó fún ìjọba láṣẹ láti gba owó lórí afárá náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn ń pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, owó gbígbà sì ń lọ.

Nítorí náà, ẹni àkọ́kọ́ rí òtítọ́ mú, ṣùgbọ́n ó nà án kọjá ibi tó dé: afárá ni ìdájọ́ náà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe ojú ọ̀nà Ẹpẹ. Ẹnì kejì ṣìnà pé kóòtù kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà pé wọn kò dẹ́kun gbígba owó nígbà náà. Tí a bá kọ èyí sílẹ̀, ẹ̀yìn ta la gbè sí? Kò sí. Àwọn méjèèjì ló máa gbà á. Tí a bá fi í sílẹ̀ ní "àwọn kan ní, àwọn kan ní", a ti fi máníjà sínú òkùnkùn, a sì pe òkùnkùn náà ní ìdọ́gba.

Ìbéèrè kejì le ju èyí lọ, torí pé ibẹ̀ ni ohun tí a kò lè fi ìka kan. Awakọ̀ wa sọ pé wọ́n pa èèyàn níbi ìgbowó. Ẹlòmíì ní ìpàdé sọ pé kò sí ẹni tó kú. Kí ni akọ̀wé á kọ? Kì í ṣe "àwọn èèyàn ń jiyàn". Á kọ ẹni tó sọ ọ́ ní gbangba àti ìgbà tó sọ ọ́: Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀, tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Dórísì Òkúwobí darí, fi àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ó ní àwọn èèyàn kú níbẹ̀. Nínú oṣù kan náà ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìwé funfun jáde. Ó gba àwọn àbá kan wọlé, ṣùgbọ́n kò gba ohun tí ìgbìmọ̀ sọ nípa àwọn tó kú níbi ìgbowó, ó ní ọ̀rọ̀ inú ìwé náà takora. Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nígbà tí à ń jà ní 2022 nìyẹn. Máníjà tó bá ka èyí á mọ̀ pé ọmọkùnrin yẹn kò fẹnu lásán sọ àgbọ́sọ, á sì mọ̀ pé ẹni tó ta kò ó ní ibi tó gbé ẹ̀yìn tì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀, òun ló ni í. Ká kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: ó ní òun wà níbẹ̀, òun kò sì fẹ́ gba ibi tí wọ́n ti ń gbowó kọjá mọ́. Kò pọn dandan kí á jẹ́rìí sí i, kò sì pọn dandan kí á ṣiyèméjì.

Nígbẹ̀yìn, a tún ìwé náà kọ. Èyí ni bó ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe, ojú ìwé kan náà ló gbà:

"Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Kìíní, ṣé gbígba owó lórí afárá bófin mu? Ìdájọ́ 2014 lórí afárá ní kò sí òfin tó fàyè gbà á. Ìjọba ní àwọn ń pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọn kò sì dẹ́kun gbígbà á. Ìdájọ́ náà kò kan ojú ọ̀nà Ẹpẹ. Kejì, ṣé kí a fipá mú òṣìṣẹ́ gba ibi ìgbowó kọjá? Awakọ̀ méjì ní àwọn kò fẹ́, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020. Ọ̀kan nínú wọn ní òun wà níbẹ̀. Wọn kò bèèrè owó. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gba ọ̀nà mìíràn. Alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí ní ọ̀nà yẹn á fa ọjà sẹ́yìn, àwọn oníbàárà á sì bínú. Kẹta, ta ló máa sanwó? Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ní iléeṣẹ́ ni. Ẹnì kan ní kí ẹni tó bá fẹ́ yára san án. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló wá, mẹ́rìnlá kò sọ̀rọ̀. Ohun tó kù kí ẹ pinnu: ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ méjì náà á máa gbà, àti ẹni tó máa sanwó fún àwọn yòókù."

Kí ó tó lọ, a ka ìpínrọ̀ kejì sétí awakọ̀ náà, a sì tún ka á sétí bàbá ilé ìkẹ́rùsí. A bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ohun tí ẹ sọ nìyí?" A ò bi wọ́n bóyá wọ́n fara mọ́ ti ẹnì kejì. Bàbá ní kí á fi "àwọn oníbàárà á sì bínú" kún un, torí pé ọjọ́ tí ọjà bá pẹ́, òun ni wọ́n máa ń bú. A kò tilẹ̀ rántí pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ìwé. Ìdánwò tí a mọ̀ nìyẹn, kò sí èyí tó dára jù ú lọ: bí ẹni tí o ròyìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá lè fọwọ́ sí i, o ti ròyìn rẹ̀. Bí ó bá ní "mi ò sọ bẹ́ẹ̀", èrò tìrẹ ni o kọ.

A mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní ọ̀gá kò ráyè, "Ẹ sáà sọ ẹni tó jàre fún mi." A ní rárá o. Ọjọ́ tí akọ̀wé bá ti ń sọ ẹni tó jàre, kò ṣe akọ̀wé mọ́, adájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò yàn ni. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó sì yẹ kí a fi kún un pé ẹni tó gbé ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo tọ àgbà lọ, òun ló sọ àgbà di òṣìkà. Bí akọ̀wé bá ní èrò, kó kọ ọ́ sí ìwé mìíràn, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kó má fi í pamọ́ sínú "ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé".

Àwọn mìíràn láàárín àwọn ọ̀dọ́ á sọ òdìkejì. Wọ́n á ní ní ilẹ̀ tí wọ́n ti yìnbọn lu èèyàn, ẹni tó bá ní òun kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ti gbè sẹ́yìn oníbọn. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò ní fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé wa àkọ́kọ́, tó dákẹ́ nípa 2020 kó má baà dá ìjà sílẹ̀, òun ló pa ohùn awakọ̀ náà. Ìwé kejì, tó sọ ohun tí ìgbìmọ̀ wí, ohun tí ìjọba wí, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ wí, kò gbè sẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti dé etí ọ̀gá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àìgbè. Ẹni tó yọ ọ̀rọ̀ tó gbóná jù kúrò nínú ìwé ti yan ẹni tó máa jìyà rẹ̀.

Máníjà pe awakọ̀ méjèèjì, ó gbà kí wọ́n máa gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yí àkókò tí wọ́n ń gbéra padà sí aago mẹ́fà àárọ̀ kí ọjà má baà pẹ́. Inú bàbá ilé ìkẹ́rùsí kò dùn sí i pátápátá, torí pé àwọn náà ní láti máa tètè dé láti kó ẹrù jáde. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. A kọ ọ́ sílẹ̀.